Fílámẹ́ǹtì gílóòbù àti ìgbóná ìràwọ̀: ẹ yéé wá òkè ìmọ́lẹ̀ kiri

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ìgbógbó níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìn fisíìsì. A fẹ́ mọ bí gílóòbù onífílámẹ́ǹtì 60 wáàtì ṣe gbóná tó, a fi àfọ́kù sídì tú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sí àwọ̀-àwọ̀, a fi kámẹ́rà fóònù yà á, ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ, ìyẹn òkè ìmọ́lẹ̀, bọ́ sí bíi 600 nánómítà. Mo lo òfin Wien tó wà nínú ìwé, 2,898,000 pín sí òkè ìmọ́lẹ̀ ní nánómítà, ó fún mi ní 4,830 kẹ́lfìn, ìwé míì sì ní 2,700 ni. Ibo la ti ṣì í? Tí gílóòbù orí tábìlì bá lè dà wá láàmú báyìí, báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ ti ìràwọ̀ tó wà lókè lọ́hùn-ún?

*Ìdáhùn:*

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ìṣirò yín dáa, ẹ ò pín nǹkan kan ṣì, wàhálà ibẹ̀ ni pé 600 yẹn kì í ṣe ti gílóòbù, ti fóònù yín ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo 4,830 yẹn dáadáa ná. Tọ́ńsítìn ni wọ́n fi ń ṣe wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù, 3,695 kẹ́lfìn ni tọ́ńsítìn sì máa ń yọ́, kò sí irin míì tó lè fara da iná tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọ́. Tí fílámẹ́ǹtì yín bá dé 4,830 lóòótọ́, kò ní sí fílámẹ́ǹtì mọ́, ó ti yọ́ dànù nínú gíláàsì yẹn tipẹ́. Torí náà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí àṣìṣe wà, nọ́mbà yẹn ti jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n kọ 3,695 sí ẹ̀gbẹ́ ìwé wọn, ìdáhùn yòówù tó bá kọjá ẹ̀ fún gílóòbù onífílámẹ́ǹtì, kí wọ́n má wulẹ̀ bá a jiyàn, kí wọ́n pa á rẹ́.

Kí ló wá dé tí fóònù fi sọ pé 600? Sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, òun fúnra ẹ̀ lè rí ìmọ́lẹ̀ dé bíi 1,100 nánómítà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe fóònù máa ń fi gíláàsì fíltà kékeré kan bò ó lójú tó máa ń gé gbogbo ohun tó bá ti kọjá bíi 700 dànù, kí fọ́tò lè jọ ohun tí ojú èèyàn ń rí. Ojú èèyàn náà kúkú ń parí síbi 700 yẹn. Ohun tẹ́ ẹ wá rí lórí síkírínì kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ gílóòbù lásán, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ni lẹ́yìn tí kámẹ́rà ti sọ ọ́ di púpọ̀ níbì kan tó sì ti sọ ọ́ di kékeré níbòmíì. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ń gòkè bó ṣe ń lọ sápá pupa, agbára ìríran kámẹ́rà ń sọ̀ kalẹ̀ lápá pupa yẹn kan náà, tí ẹ bá sọ méjèèjì pọ̀, òkè kan máa yọ láàárín, ó sì sábà máa ń bọ́ sí àdúgbò 600. Bí ẹni tó wo igi àgbọn láti ojú fèrèsé tó rí àárín igi nìkan ni, tó wá ń sọ pé ibi tí fèrèsé gé e dé ni orí igi.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí kò le rárá. Ẹ dúró di alẹ́ ọjọ́ tí iná bá wá tí kò lágbára, ẹ ṣáà mọ irú iná yẹn ní Ìkòròdú, èyí tí gílóòbù máa ń pọ́n bí ẹyin iná, tí fáànù á máa yí bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ tún ya fọ́tò yẹn. Gílóòbù ti tutù dáadáa sí ti tẹ́lẹ̀, ojú gan-an ti rí i pé ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú fọ́tò kò ní kúrò ní àyíká 600 tó wà, bó bá tiẹ̀ yẹ̀, díẹ̀ báyìí ni. Òkè tó bá jẹ́ ti ìgbóná lóòótọ́ gbọ́dọ̀ sún nígbà tí ìgbóná bá yí, èyí tí kò bá sún, ti irinṣẹ́ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá mọ bí fílámẹ́ǹtì yín ṣe gbóná tó gan-an, láì lo kámẹ́rà kankan. Rẹsísítáǹsì tọ́ńsítìn máa ń pọ̀ sí i bó bá ṣe ń gbóná sí i, a sì ti mọ bó ṣe ń pọ̀ tó láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ yọ gílóòbù yẹn kúrò lójú iná pátápátá, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kì í ṣe kó ṣáà lọ wọ́ọ́rọ́, ẹ wá fi mítà àwọn rewáyà wọn rẹsísítáǹsì ẹ̀. Gílóòbù 60 wáàtì ti 240 fóòtì máa ń fúnni ní bíi 70 óòmù ní tútù. Ti gbígbóná, ẹ ò nílò láti wọn nǹkan kan, àti pé mi ò fẹ́ kí ọmọ lẹ́sìn kankan máa fi ọwọ́ kan wáyà 240 fóòtì: 60 wáàtì lórí 240 fóòtì, ìyẹn 0.25 áńpíà, 240 pín sí 0.25 jẹ́ 960 óòmù. Ẹ rí i, wáyà kan náà, 70 ní tútù, 960 ní gbígbóná, ìlọ́po 13.7. Fọ́múlà tó ń yí èyí padà sí ìgbóná rèé, 300 inú ẹ̀ ni ìgbóná yàrá wa ní kẹ́lfìn, ìyẹn 27 sẹ́ńtígíréèdì:

```
T = 300 × (R_gbona / R_tutu)^0.83
```

13.7 nípa agbára 0.83 jẹ́ nǹkan bíi 8.8, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 300, ẹ máa rí bíi 2,630 kẹ́lfìn. Ìyẹn bá èyí tí ìwé kejì sọ mu dáadáa, 2,700 ìwé yẹn jẹ́ ti gílóòbù lápapọ̀, ti yín ni 2,630. Ẹ wá fi òfin Wien ṣe é padà sẹ́yìn, òfin tí Wilhelm Wien ará Jámánì rí ní 1893: 2,898,000 pín sí 2,630, ó jẹ́ bíi 1,100 nánómítà. Ibẹ̀ gan-an ni òkè ìmọ́lẹ̀ gílóòbù yín wà, nínú ìńfúrárẹ́ẹ̀dì, níbi tí ojú yín ò dé, tí fíltà fóònù náà kò gbà kó wọlé. Àtẹ́lẹwọ́ yín nìkan ló mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e sún mọ́ gílóòbù yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ìmọ́lẹ̀ tá à ń rí láti ara gílóòbù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó ń tú jáde, ìrù ẹ̀ ló wọ ojú wa, ara ẹ̀ wà níta. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù yẹn fi ń jẹ iná tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì fi ń fi ṣe ìgbóná fún ọmọ adìyẹ.

Ti alẹ́ oníná tí kò lágbára ńkọ́? Tí fóltéèjì bá sọ̀ kalẹ̀ sí 180, èèyàn á rò pé áńpíà náà á já sí mẹ́ta nínú mẹ́rin, kò rí bẹ́ẹ̀, torí fílámẹ́ǹtì tó tutù sí i ní rẹsísítáǹsì tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Áńpíà á wà ní bíi 0.213, rẹsísítáǹsì á jẹ́ bíi 845, ìgbóná á sì bọ́ sí bíi 2,370. Òkè ìmọ́lẹ̀ ti sún láti 1,100 lọ sí 1,220. Ó sún lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ló ti sún, kámẹ́rà yín ò lè mọ̀.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ fi gílóòbù mọ́tò ṣe é nítorí ààbò, ó dáa, 12 fóòtì kì í pa èèyàn, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Gílóòbù tráfíkétọ̀ 21 wáàtì, ní gbígbóná ẹ̀, bíi 6.9 óòmù ni, ní tútù, bíi ààbọ̀ óòmù péré. Mítà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní Ṣábó, okùn pupa àti dúdú ẹ̀ nìkan lè ní 0.3 óòmù nínú. Tí mítà bá wá kọ 0.8, tẹ́ ẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀, ìlọ́po yẹn á di 8.6 dípò 13.7, ìgbóná á já sí bíi 1,790. Gílóòbù tó ń mọ́lẹ̀ funfun kò lè jẹ́ 1,790 láéláé. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu okùn méjèèjì kan ara wọn, ẹ ka ohun tó bá kọ, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan fún gílóòbù ilé torí 0.3 nínú 70 kò jọ ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ tún ṣọ́ra fún gílóòbù LED tí wọ́n ṣe bíi ti onífílámẹ́ǹtì, ọ̀pá òfeefèé kékeré ló máa ń wà nínú ẹ̀. 2,700 tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ kì í ṣe ìgbóná ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ni wọ́n fi wé ti fílámẹ́ǹtì. Òfin Wien kò bá a tan rárá.

Ohun tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú gbogbo èyí rèé. Ẹ má wá òkè ìmọ́lẹ̀ kiri. Òkè yẹn wúlò láti fi ṣàlàyé, nínú iṣẹ́ gidi, ó máa ń fara pa mọ́, bó bá tiẹ̀ hàn, orí ẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ẹ ò ní mọ ibi tó ga jù níbẹ̀. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ kedere ni bí àwọ̀ méjì ṣe rí síra wọn. Ohun tó gbóná níwọ̀nba, pupa ẹ̀ máa ń pọ̀ ju búlúù ẹ̀ lọ, bó ṣe ń gbóná sí i ni búlúù ń lé pupa bá, títí yóò fi yà á sílẹ̀. Ẹ mú ibi méjì péré, 450 ní búlúù àti 650 ní pupa, ẹ pín búlúù sí pupa, ẹ pè é ní r. Láti inú ìṣirò tí Max Planck ará Jámánì ṣe ní 1900, fún ohun tí kò bá gbóná kọjá bíi 4,000 kẹ́lfìn:

```
T = 9838 / ln(6.29 / r)
```

6.29 yẹn ni 650 pín sí 450 nípa agbára márùn-ún, 9838 wá láti inú bí 450 àti 650 ṣe jìnnà síra wọn, tẹ́ ẹ bá lo àwọ̀ míì, nọ́mbà méjèèjì á yí padà. Ní 2,630, r yẹ kó jẹ́ bíi 0.15, ìyẹn ni pé pupa pọ̀ tó ìlọ́po méje búlúù. Ní 2,370, r á bọ́ sí bíi 0.10, ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ rí i bó ṣe yí padà tó? Ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ, kámẹ́rà tí kò lè rí òkè yẹn rárá lè rí èyí kedere.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ṣì ń parọ́ àwọ̀, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni, a ò sì ní bá a jà, a máa fi irọ́ ẹ̀ pa irọ́ ẹ̀ ni. Ẹ mú ohun kan tá a ti mọ àwọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ya òun náà pẹ̀lú fóònù kan náà, sídì kan náà, ihò kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Oòrùn ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo wa. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí kò sí ọyẹ́, búlúù 450 àti pupa 650 oòrùn tó dé ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ká sọ pé 1. Ẹ má kọ kámẹ́rà sí oòrùn fúnra ẹ̀ o, ẹ tẹ́ pépà funfun síta, ìmọ́lẹ̀ ara pépà yẹn ni kẹ́ ẹ yà.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́mbà sí i kó lè yé àwọn ọmọ. Ká sọ pé nínú fọ́tò oòrùn, búlúù pín sí pupa jẹ́ 0.80, nínú fọ́tò gílóòbù, ó jẹ́ 0.13. Ó yẹ kí ti oòrùn jẹ́ 1, kámẹ́rà sọ ọ́ di 0.80, ó túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú márùn-ún ló ń gé kúrò níbi ìpín yẹn, gílóòbù náà sì ti jẹ nínú ìyà yẹn. 0.13 pín sí 0.80 jẹ́ 0.1625. Ìyẹn ni r tòótọ́. 6.29 pín sí 0.1625 jẹ́ 38.7, `ln` ẹ̀ jẹ́ 3.66, 9838 pín sí 3.66 jẹ́ bíi 2,690 kẹ́lfìn. Mítà ní 2,630, àwọ̀ ní 2,690. Ẹ má wá 60 yẹn lọ sínú ìṣirò yín o. Tọ́ńsítìn kì í ṣe ohun dúdú pátápátá tí Planck ń sọ, ìyẹn ohun tó ń gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án mì, tí àwọ̀ ẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbóná ẹ̀ nìkan, ó máa ń tú búlúù jáde dáadáa díẹ̀ ju pupa lọ, torí náà àwọ̀ ẹ̀ máa ń mú un jọ ohun tó gbóná ju bó ṣe wà lọ, bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ti àwọ̀ ga díẹ̀ ju ti mítà lọ, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí ti àwọ̀ bá kéré ju ti mítà lọ ni kẹ́ ẹ fura.

Ibi tó máa bà á jẹ́ jù lọ ni irú fáìlì fọ́tò. Fọ́tò JPEG tí fóònù máa ń ṣe kì í kọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wọlé, ó máa ń gbé ibi tó ṣókùnkùn ga kó lè dáa lójú. Nọ́mbà wa yẹn kan náà, 0.80 àti 0.13, tó bá gba inú JPEG kọjá, á di nǹkan bíi 0.904 àti 0.396, ẹ ṣe é tán, ẹ máa rí bíi 3,690 kẹ́lfìn, ìyẹn ni pé fílámẹ́ǹtì yín ń múra àtiyọ́. Torí náà RAW ni kẹ́ ẹ lò, fáìlì tí orúkọ ẹ̀ máa ń parí pẹ̀lú `.dng`, ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróòdì ní in lábẹ́ Pro. Ẹ ti wáìtì bálánsì pa síbì kan, ẹ má sì jẹ́ kí pupa kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí pupa bá ti dé góńgó ibi tí sẹ́ńsọ̀ lè kà dé, búlúù á ṣì máa gòkè, r á máa tàn yín jẹ. Kí fọ́tò ṣókùnkùn díẹ̀ sàn jù.

Ìràwọ̀ wá kù, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kódà ti ìràwọ̀ tún burú ju ti gílóòbù lọ lórí ọ̀rọ̀ òkè ìmọ́lẹ̀, torí afẹ́fẹ́ wa ni fíltà níbẹ̀. Ẹ wo Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lálẹ́. Ó gbóná tó bíi 9,900 kẹ́lfìn, òkè ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bọ́ sí bíi 293 nánómítà, òsóònù tó wà lókè afẹ́fẹ́ sì máa ń gbé ohun tó bá kéré sí bíi 300 mì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá dúró sílẹ̀ ayé tó ní òun fẹ́ wọn òkè Sirius, títí ayé ló máa dúró síbẹ̀. Ohun táwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n máa ń ya ìràwọ̀ pẹ̀lú fíltà méjì, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní B ní àyíká 440, èkejì V ní àyíká 550, wọ́n á fún ìmọ́lẹ̀ fíltà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà, èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ni nọ́mbà ẹ̀ máa ń kéré jù, wọ́n á yọ V kúrò nínú B, wọ́n á sì fi ìràwọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa ṣe òdiwọ̀n, Vega ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fún ní nǹkan bí òdo. Vega ń ṣe fún wọn ohun tí oòrùn àti pépà funfun ṣe fún wa. Nọ́mbà tó bá kéré tàbí tó wà lábẹ́ òdo, ìràwọ̀ búlúù tó gbóná gan-an ni, èyí tó bá tóbi, ìràwọ̀ pupa tó tutù. Fọ́múlà kan wà tó rọrùn, onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Ballesteros ló gbé e jáde ní 2012, c ni B tí a ti yọ V kúrò nínú ẹ̀:

```
T = 4600 × (1/(0.92c + 1.7) + 1/(0.92c + 0.62))
```

Ti oòrùn wa jẹ́ 0.65, ẹ fi síbẹ̀, ẹ máa rí bíi 5,780, ìgbóná tòótọ́ ojú oòrùn sì jẹ́ 5,772. Ó gbà mí lọ́kàn nígbà gbogbo. Ti Sirius fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, ìyẹn mú bíi 10,100 jáde, ó súnmọ́ 9,900 dáadáa.

Nísinsìnyí ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ní oṣù kejì ọdún, ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ dúró síbi tí kò sí iná púpọ̀, ọwọ́ ọ̀sà ní Ìjẹ̀dé dáa, ẹ gbójú sókè gangan, kẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ìràwọ̀ pupa rúsúrúsú kan máa wà lórí yín, ìyẹn ni Betelgeuse, Ìkòròdú ṣe déédéé abẹ́ ẹ̀, kò yà sí àríwá ju bíi ìwọ̀n kan lọ. Ẹ sọ ojú kalẹ̀ díẹ̀ sápá gúúsù, ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ á wà láàárín, ẹ kọjá wọn, ẹ máa rí èyí tó funfun tó sì ṣe bíi búlúù, ìyẹn ni Rigel, nǹkan bíi 12,000 kẹ́lfìn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ tẹ orúkọ wọn sínú áàpù `Stellarium` tó ń fi ibi tí ìràwọ̀ wà hàn. Lórí wa ni Betelgeuse wà tààrà, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kò gba inú afẹ́fẹ́ púpọ̀, pupa ẹ̀ yẹn tiẹ̀ ni. Ìràwọ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ lórí omi lápá ibẹ̀ yẹn, pàápàá tí ọyẹ́ bá wà, ẹ má fi àwọ̀ ẹ̀ ṣe nǹkan kan, afẹ́fẹ́ àti eruku ti fọ búlúù ẹ̀ dànù, Sirius gan-an lè pọ́n tó bá ń yọ tàbí tó bá ń wọ̀.

Ibi Betelgeuse yìí náà ni fọ́múlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. c ẹ̀ jẹ́ bíi 1.85, fọ́múlà ní bíi 3,330, ìgbóná ẹ̀ tòótọ́ sì jẹ́ bíi 3,600. Ó lé ní igba kẹ́lfìn tó fi tutù jù. Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, ìràwọ̀ tó tutù tó bẹ́ẹ̀ máa ń ní mólékù nínú afẹ́fẹ́ ara ẹ̀, títáníọ́ọ̀mù ọ́sáìdì ni olórí wọn, wọ́n máa ń gé ibi kan nínú àwọ̀ ẹ̀ jẹ, kò wá jọ ohun dúdú ti Planck mọ́. Èkejì ni eruku. Eruku tó wà láàárín àwa àti ìràwọ̀ máa ń gba búlúù ju pupa lọ, ìràwọ̀ gbígbóná tó wà lẹ́yìn eruku máa ń jọ ìràwọ̀ tútù. Àwọ̀ nìkan ò lè sọ èwo ni èwo fún yín.

Ṣùgbọ́n mólékù tó ń ba fọ́múlà jẹ́ yẹn náà ni ọ̀nà àbáyọ. Títáníọ́ọ̀mù ọ́sáìdì kì í lè dúró nínú iná tó bá pọ̀ jù, bí ìràwọ̀ bá ṣe ń tutù sí i ni àmì dúdú ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń jinlẹ̀ sí i. Eruku lè mú gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣókùnkùn, ó lè mú un pọ́n, kò lè gbẹ́ àmì yẹn jinlẹ̀. Ní ìparí 2019 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2020, Betelgeuse ṣàdédé ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn èèyàn ti ń sọ pé ó fẹ́ bú gbàmù. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé ó tutù ni àbí eruku ló bò ó. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Emily Levesque àti Philip Massey, wo àmì títáníọ́ọ̀mù ọ́sáìdì yẹn ní oṣù kejì 2020, wọ́n rí 3,600 kẹ́lfìn. Wọ́n ti wọn ìràwọ̀ kan náà ní 2004, 3,650 ni nígbà yẹn. Àádọ́ta kẹ́lfìn péré kò lè mú ìràwọ̀ ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n wá sọ pé eruku tí ìràwọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ tú jáde ló dí wa lójú. Fọ́tò tí wọ́n fi awò ńlá VLT ní ilẹ̀ Ṣílè yà fi hàn pé apá gúúsù ìràwọ̀ yẹn nìkan ló ṣókùnkùn jù, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní 2021 sì ní eruku ló ṣe é lóòótọ́, pé apá ibì kan lójú ìràwọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ tutù díẹ̀ tí eruku fi rí ọ̀nà dì.

Tí ẹ bá fẹ́ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ní kí wọ́n fi òfin Wien ṣírò òkè ìmọ́lẹ̀ fún 3,650 àti fún 3,600. 794 àti 805 nánómítà ni wọ́n máa rí, mọ́kànlá péré ló sún, nínú òkè kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó tún kún fún ihò mólékù káàkiri. Kò sẹ́ni tó lè fi òkè yẹn mọ̀ pé ìràwọ̀ náà kò tutù.